Bí kọmítì ẹ́tíìsì ṣe dá pùrópósà mi padà, àti ohun tí mo tún ṣe kí wọ́n tó fọwọ́ sí i

Iṣẹ́ másítà mi dá lórí àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ọmọ ọdún 14 sí 17. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń lù wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, àti ibi tí wọ́n ń gbé e gbà tí wọ́n bá fara pa. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sí oògùn, ìbéèrè lásán ni, torí náà ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo fi pùrópósà sílẹ̀ fún kọmítì ẹ́tíìsì, àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ ìwádìí wò kó má bàa pa ẹni tí a fẹ́ bi ní ìbéèrè lára. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé pé kí n lọ tún un ṣe.

Wọ́n kọ́kọ́ bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ àwọn ọmọdé gan-an, ṣé àwọn tó ti gba fíríídọ̀mù ò lè sọ ọ́ ni. Ìyẹn ò le, mo ní ẹni tó ti kúrò níbẹ̀ ti gbàgbé púpọ̀, àmọ́ mo gbà pé àwọn àgbà yẹn ni màá kọ́kọ́ fi ìbéèrè mi dán wò.

Ibi tó le ni ti ìyọ̀ǹda. Mo ti kọ ọ́ pé ọ̀gá wọn ló máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, torí òbí ọ̀pọ̀ nínú wọn wà ní abúlé. Kọmítì ní rárá o. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni, òbí tàbí alágbàtọ́ ló ń dúró fún un, ọ̀gá kì í sì í ṣe òbí. Èyí tó tún wá burú ni pé ọ̀gá yìí gan-an ni ìbéèrè mi ń sọ̀rọ̀ bá! Tó bá ní "ẹ lọ dá àǹtí yẹn lóhùn," ọmọ wo ló máa sọ pé òun ò lọ? Bí mo ṣe tún un ṣe nìyí: ọ̀gá kàn máa gbà kí n wọ ṣọ́ọ̀bù ni, mo máa pe òbí lórí fóònù, kí ẹlẹ́rìí jókòó tì mí bí mo ṣe ń ka fọ́ọ̀mù fún un, lẹ́yìn náà ni mo máa wá bi ọmọ fúnra ẹ̀. Bí òbí bá gbà tí ọmọ bá kọ̀, ó ti parí nìyẹn.

Àmọ́ wọ́n tún bi mí pé tí ọmọ bá kọ̀ ńkọ́, ṣé ọ̀gá ò ní mọ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn. Ohun tí mo wá ṣe ni pé gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló máa wọ yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan, ogún ìṣẹ́jú fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó gbà máa dáhùn, ẹni tó kọ̀ máa kàn jókòó sinmi, owó ọkọ̀ àti ìpanu kan náà ni gbogbo wọn máa gbà.

Wọ́n tún fi bírò pupa yí gbólóhùn mi kan po: "mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni." Tí ọmọ bá sọ pé wọ́n ń fipá bá òun sùn ńkọ́? Ẹ ò rí i pé mo ti ṣèlérí tí mi ò lè mú ṣẹ. Mo yí i padà sí: "Àárín àwa méjèèjì ni ohun tí o bá sọ máa wà, àfi tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ń ṣe ẹ́ ní jàǹbá tó lágbára, mo máa ní láti sọ fún ẹni tó lè gbà ẹ́ sílẹ̀, ìwọ ni màá sì kọ́kọ́ sọ fún." Mo ti kọ tẹ́lẹ̀ pé "a ó darí wọn síbi ìrànlọ́wọ́," wọ́n ní ibo, ta ló máa gbé fóònù, ta ló máa sanwó ọkọ̀? Mo bá lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ní lókà gọ́fúmẹ́ǹtì, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kọ lẹ́tà fún mi pé òun á gbà wọ́n, mo wá fi owó ọkọ̀ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì mi.

Wọ́n ní kí n ka fọ́ọ̀mù fún ọmọ ọdún 14 kan tí kò sí nínú iṣẹ́ náà, kó wá sọ ohun tó gbọ́ fún mi. Mo ka gbólóhùn àkọ́kọ́, "a ń ṣe ìwádìí," ojú ẹ̀ yí padà, ó ní, "Ẹ̀yin mà, ṣé ọlọ́pàá ni yín?" Mo pa ìwádìí rẹ́ lójú ẹsẹ̀, mo kọ ọ́ pé "ọmọ iléèwé ni mí, mo fẹ́ bi ẹ́ ní ìbéèrè kí n lè kọ́ nípa iṣẹ́ yín."

Wọ́n fọwọ́ sí i, ọdún kan ni wọ́n fún mi. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọmọ kan wọlé, ó ní òun ò fẹ́ sọ nǹkan kan. Ó jẹ bisikíìtì ẹ̀, ó gbórí lé tábìlì, ó sùn, nígbà tí ogún ìṣẹ́jú pé mo rọra jí i, ó nu ojú, ó jáde lọ bá àwọn yòókù.