Àṣìṣe Orúkọ àti Ọjọ́ Ìbí Tó Ń Jẹ Owó Àwọn Tó Fẹ́ Ṣe JAMB

Mo ń forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún JAMB ní Kubwa. Bí ọjọ́ bá ti ń lọ sópin báyìí, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn bá mi tún un ṣe" ni gbogbo ẹnu ń sọ. Ẹ̀gbọ́n ò lè tún nǹkan kan ṣe o. Ariwo lásán ni mo lè bá yín pa.

1. Ẹ má rò pé iwájú kọ̀ǹpútà mi lẹ ti máa ṣàtúnṣe. Bẹ́ ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ náà NIN àti nọ́ńbà NIN yín oní 11 ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 láti gba kóòdù ìforúkọsílẹ̀, àkọsílẹ̀ NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ni JAMB ń wò. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀ ló ń jáde.

2. Bí orúkọ WAEC yín bá yàtọ̀ sí ti NIN, ẹ má gbé "ó ṣáà jọra" wá. Ọmọ Ìlọrin kan tí wọ́n bí sí Nyanya wá sọ́dọ̀ mi. WAEC rẹ̀ kà báyìí: ABDULWAHEED RUKAYAT OMOLARA. Lórí NIN, WAHEED ni orúkọ ìdílé, RUKAYYA ni orúkọ tirẹ̀, ABDUL wá bọ́ sáàárín. Omolara ti pòórá! Ìyá rẹ̀ ló fẹnu pe orúkọ, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Háúsá, ó sì gé Abdulwaheed sí méjì. Kò sẹ́ni tó ka ìwé náà kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ ìbí náà yí: 04/09/2007 ni WAEC, 09/04/2007 ni NIN.

Bàbá rẹ̀ fẹ́ lọ bá WAEC jà. Mo ní rárá o. Ìwé ìbí àti WAEC bára mu, NIN nìkan ló ṣì rìn, òun ni ká tún ṣe. Àtúnṣe orúkọ ò wọ́n, ₦2,000 ni. Ọjọ́ ìbí ni ìṣòro: láti 2025, ₦28,574 ni NIMC ń gbà, ìwé ìbí láti ọ̀dọ̀ NPC, àjọ tó ń ka èèyàn, sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́. Nítorí nọ́ńbà méjì tó gbapò ara wọn! Bí ẹ bá sanwó tán, ẹ wò ó pé ó ti yí padà kẹ́ ẹ tó wá bá mi.

Àfidáfíìtì kọ́ọ̀tù nìkan kì í yí àkọsílẹ̀ padà.

Àwọn tó ní àwọn "mọ èèyàn ńbẹ̀", ẹ sá fún wọn.

Bó bá sì jẹ́ pé bí wọ́n ṣe to orúkọ nìkan ló yàtọ̀, tí orúkọ ìdílé wà níwájú níbì kan, tó wà lẹ́yìn níbòmíì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tó wà nínú àpótí orúkọ ìdílé ni kẹ́ ẹ wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì ṣe WAEC, ẹ ní kí ilé ìwé fi orúkọ tí wọ́n tẹ̀ hàn yín kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí. Ẹ gbé ìwé NIN lọ, kẹ́ ẹ fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.