Bí mo ṣe gba àkáǹtì ìpolówó mi padà

Aṣọ àdìrẹ ni mo ń tà ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìpolówó mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì dúró lójijì: ilé-iṣẹ́ tó ń gbé e jáde ní owó kò wọlé, wọ́n sì ti dí àkáǹtì náà.

Káàdì náírà ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó ni mo fi ń sanwó. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí káàdì, orúkọ tèmi àti Benin ló wà lórí àkáǹtì. Nígbà tí káàdì náà kọ̀, mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, mo tún fi ti ọ̀rẹ́ mi kan kún un. Ìyẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jù: ẹni tó bá ń dán káàdì oríṣiríṣi wò jọ olè lójú ẹ̀rọ wọn.

Ó ṣe mí bíi kí n ṣí àkáǹtì tuntun. Ẹ má dán an wò. Gbèsè 9,400 fáráǹkì ṣì wà lórí ti àtijọ́.

Mo lọ gba káàdì ní báǹkì l'Ájàṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ mi bó ṣe wà lórí káàdì ìdánimọ̀ mi gẹ́lẹ́. Mo fi 15,000 sí i, torí báǹkì ń yọ owó tiẹ̀. Síbẹ̀ ó kọ̀! Mo pe akọ̀wé báǹkì.

“Ẹ̀gbọ́n, a ò tíì ṣí i fún sísanwó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.”

Ó ṣí i. Mo san gbèsè náà tán kí n tó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ mi yẹ̀ wò, mo sì fi fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ ránṣẹ́. Ọjọ́ kejì, wọ́n ṣí àkáǹtì. Mo yọ káàdì ẹ̀gbọ́n mi kúrò lọ́jọ́ yẹn náà.