Ohun tí àdàkọ sọ àti ohun tó wà nínú ohùn: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Mo fẹ́ fa gbólóhùn kan yọ látinú àdàkọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹnu tí wọ́n gbà sílẹ̀ tí wọ́n sì tẹ̀ sínú ìwé, àmọ́ àkókò tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò bá ti fáìlì ohùn mu.

Ìdáhùn: Bóyá fáìlì mìíràn lẹ ṣí, tàbí kí wọ́n ti dá ẹ̀rọ dúró láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ fi ìbéèrè tó ṣáájú gbólóhùn náà wá a.

Ìbéèrè: Mo ti gbọ́ gbólóhùn náà, ó bá àdàkọ mu. Ṣé kò tíì tó?

Ìdáhùn: Kò tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn, kí ẹ sì gbọ́ ọ kọjá ibẹ̀. Ẹni tó sọ pé "Wọ́n ní mo ti ta ilẹ̀ náà" kò jẹ́wọ́ nǹkan kan. Bí ẹ bá gé "Wọ́n ní" kúrò, ẹ ti sọ ọ́ di ọ̀daràn.

Ìbéèrè: Àdàkọ ní alága gbowó. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́jà tó sọ̀rọ̀ náà ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ̀dùn ọkàn ni pé à ń dáhùn èyí léraléra, ẹ sì tún ń gba àdàkọ tí kò ní àmì ohùn. Ẹ wo ohun tí wọ́n tẹ̀: "Alaga mo nipa ile naa. O gba owo lowo won." Ilé ni, àbí ilẹ̀? Èyí tó le jù ni "O" yẹn. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, a kì í sábà pe "kò" tán. "Ò" nìkan ló máa ń kù. "Ó gba owó" àti "Ò gba owó" wá di ọ̀kan náà lójú ìwé, bẹ́ẹ̀ èkíní ń fẹ̀sùn kan alága, èkejì ń dá a láre.

Ẹ fi íyápíìsì sétí, kí ẹ ṣí fáìlì náà nínú VLC, kí ẹ tẹ `[` lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ̀rọ̀ lè máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbọ́ "o" àti "gba" pọ̀. Bó bá jẹ́ "ó", ohùn yóò bẹ̀rẹ̀ lókè, yóò sì wálẹ̀ sórí "gba". Bó bá jẹ́ "ò", ìsàlẹ̀ ni yóò ti gòkè sí i. Ohùn òkè ẹnìkan lè má ga ju ohùn àárín ẹlòmíràn lọ, nítorí náà ẹ wá ibi tí akọ̀wé náà fúnra rẹ̀ ti sọ "ó" tí kò ní iyèméjì, bíi "Ó wá sípàdé", kí ẹ fi wé e.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lọ. Bó bá fi kún un pé "Kọ́bọ̀ kankan ò wọ àpò ẹ̀", "Ò gba owó" ló sọ.

Ìbéèrè: Ariwo jẹnẹrétọ̀ bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ fún ẹni tí kò tíì rí àdàkọ, tó sì gbọ́ ẹ̀ka èdè akọ̀wé náà dáadáa, kó kọ ohun tó bá gbọ́. Ẹ má sọ ohun tí ẹ̀ ń wá fún un. Bí tirẹ̀ àti tiyín bá yàtọ̀, ẹ pe akọ̀wé, kí ẹ bi í pé, "Ṣé alága gbowó, àbí kò gbà á?" Ẹ má ka gbólóhùn tí ẹ ti kọ sí i létí, kó má baà kàn fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìdáhùn tuntun yẹn ni kí ẹ gbà sílẹ̀, òun sì ni kí ẹ fà yọ. Bí ẹ kò bá rí i bá sọ̀rọ̀, gbólóhùn náà kò gbọdọ̀ wọ inú àmì àyọlò.