Bí Mo Ṣe Gé Àtẹ Kan Jáde Láti Inú PDF fún Síláìdì, Tí Ó sì Mọ́ Gaara

Mo fẹ́ bá àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀ nípa irú ẹ̀gẹ́ méje, àtẹ tó fi iye tọ́ọ̀nù tí irú kọ̀ọ̀kan ń mú wá hàn sì wà nínú ìjábọ̀ kan tó jẹ́ PDF. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà mi, mo gé ibi tí àtẹ náà wà, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ síláìdì. Nígbà tí mo tan síláìdì náà sára ògiri gbọ̀ngàn láti dán an wò, ó ṣe bàìbàì: 3 àti 8 kò ṣeé dá mọ̀ yàtọ̀ síra, àmì kékeré tó wà nínú 18.3 sì ti pòórá, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn lè kà á sí 183. N kò lè gbé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ síwájú ẹni tó fẹ́ fi owó ra igi ẹ̀gẹ́.

Ohun tó fà á ni pé àtẹ náà fẹ̀ tó íǹṣì 6 lórí ìwé A4, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yà á, píksẹ́lì bíi 600 péré ni fífẹ̀ rẹ̀ gbà lójú kọ̀ǹpútà mi. Ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri ní gbọ̀ngàn wa máa ń lo píksẹ́lì 1920 ní ìbú, nítorí náà ńṣe ni ó na píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po mẹ́ta.

Kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn, mo fi máòsì fa orí ọ̀rọ̀ inú àtẹ náà nínú PDF, mo sì rí i pé ó ń mú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Èyí jẹ́ kí n mọ̀ pé lẹ́tà gidi ni, tí kọ̀ǹpútà lè tún yà ní ìwọ̀n yòówù kí ó tóbi tó láìṣe bàìbàì. Bó bá ṣe pé ìwé tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà ní fọ́tò ni, kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ di ohun tó mọ́ ju bí wọ́n ṣe yà á lọ. Ńṣe ni ǹ bá tún àtẹ náà tẹ̀ fúnra mi.

Mo lo `pdftoppm`, tó máa ń wà nínú àkójọ `poppler-utils` lórí Ubuntu. PDF máa ń fi póìǹtì wọn ojú ìwé, póìǹtì 72 ló sì wà nínú íǹṣì kan. Nítorí náà, mo kọ́kọ́ sọ ojú ìwé náà di àwòrán kékeré ní píksẹ́lì 72 fún íǹṣì kan, kí píksẹ́lì kan lè dúró fún póìǹtì kan:

```
pdftoppm -r 72 -f 59 -l 59 -png ijabo.pdf wo
```

Nọ́ńbà 47 ni wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà, òun ni mo sì kọ́kọ́ lò, ṣùgbọ́n ojú ìwé tó yàtọ̀ pátápátá ló jáde. Ojú ìwé 12 tó wà níwájú, èyí tí wọn kò kà mọ́ ti ìjábọ̀ gan-an, ni ó sọ ọ́ di 59 nínú fáìlì.

Mo ṣí àwòrán kékeré náà, mo gbé máòsì sí igun òkè apá òsì àtẹ náà, mo sì rí 80 àti 210. Igun ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún jẹ́ 515 àti 430. Ìyẹn ni pé ó fẹ̀ ní 435, ó sì ga ní 220. Mo wá mú 360 fún àwòrán gidi, nítorí pé 360 jẹ́ ìlọ́po márùn-ún 72 gẹ́lẹ́, ìṣirò náà kò sì ní àjẹkù: mo kàn fi 5 sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ ni.

```
pdftoppm -r 360 -f 59 -l 59 -x 400 -y 1050 \
  -W 2175 -H 1100 -png -singlefile ijabo.pdf ate
```

Fáìlì `ate.png` jáde, ó sì fẹ̀ ní píksẹ́lì 2175, èyí tó ju 1920 tí mo nílò lọ. Ṣùgbọ́n ìlà tó pa ìsàlẹ̀ àtẹ náà dé ti gé kúrò, nítorí pé mo wọn ún mọ́ etí jù. Mo yọ 25 kúrò lára `-x` àti `-y`, mo fi 50 kún `-W` àti `-H`, mo tún un ṣe, ó sì pé. PNG ni mo fẹ́, kì í ṣe JPEG, torí pé JPEG máa ń fi ẹ̀gbin rúúrùú sí etí lẹ́tà dúdú tó wà lórí funfun.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. PowerPoint lè dín àwòrán kù fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá ń fi iṣẹ́ pamọ́, nítorí náà mo lọ sí File, Options, Advanced, mo sì fi àmì sí `Do not compress images in file` kí n tó fi Insert, Pictures mú àwòrán náà wọlé. Nígbà tí mo padà sí gbọ̀ngàn, mo lọ dúró sí ẹ̀yìn àga tó kẹ́yìn pátápátá, mo sì rí àmì kékeré tó wà láàárín 18 àti 3 kedere.