Bí Ẹ̀bùn Orí YouTube Ṣe Ń Di Owó Nínú Báńkì

Iye tí òǹwòran san kọ́ ni iye tó ń wọ àpò ẹni tó ṣe fídíò, nítorí náà ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí owó náà ń gbà kọjá kí ẹ tó gbójú lé e.

Ẹ kọ́kọ́ rí i pé ìkànnì yín tóótun. YouTube ń béèrè alábàápín 500, fídíò mẹ́ta tí gbogbo ènìyàn lè rí láàárín ọjọ́ 90, àti wákàtí ìwòran 3,000 láàárín oṣù 12, tàbí kí wọ́n ti wo àwọn fídíò kúkúrú Shorts yín ní ìgbà mílíọ̀nù mẹ́ta láàárín ọjọ́ 90. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí abala Earn nínú YouTube Studio, ẹ fọwọ́ sí àdéhùn Super Chat, ìyẹn owó tí òǹwòran ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe fídíò lójú ẹsẹ̀, àti ti ọmọ ẹgbẹ́, ìyẹn àwọn òǹwòran tó ń san owó fún ìkànnì yín lóṣooṣù, kí ẹ sì so AdSense, àkáǹtì Google tí wọ́n ń gbà san owó yín, mọ́ ọn.

Ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni tiyín, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti yọ owó orí ọjà àti owó tí Apple ń gbà ni wọ́n tó pín in. Bí ẹnìkan bá fi Super Chat dọ́là 10 ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà, dọ́là 7 ni ẹ ó rí. Bí ó bá jẹ́ inú áàpù iPhone ni, tí Apple sì mú ìpín 30, dọ́là 7 ló kù láti pín, 4.90 péré ló sì kàn yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn òǹwòran yín mọ̀ pé ó sàn kí wọ́n san án láti orí kọ̀ǹpútà.

Ẹ wo obìnrin kan tí ó ní ọmọ ẹgbẹ́ 20, tí kálukú ń san dọ́là 4.99 lóṣù láti orí kọ̀ǹpútà. Ìpín tirẹ̀ nínú owó wọn jẹ́ dọ́là 69.86. Bí ó bá tún gba irú Super Chat méjèèjì yẹn nínú oṣù kìn-ín-ní, gbogbo rẹ̀ di dọ́là 81.76, bẹ́ẹ̀ àwọn òǹwòran ti san 119.80. AdSense kì í san ohun tí kò tó dọ́là 100, nítorí náà owó náà yóò dúró di oṣù kejì. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà bá pé, yóò di 151.62; owó yìí yóò hàn nínú AdSense láàárín ọjọ́ 7 sí 12 oṣù kẹta, wọn yóò sì san án láàárín ọjọ́ 21 sí 26.

Bí iye náà bá ti kọjá ọgọ́rùn-ún tí owó kò sì dé, ẹ yẹ abala Payments wò nínú AdSense. Bí owó bá ti tó dọ́là 10, wọ́n máa ń fi nọ́ńbà PIN ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ilé yín nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, àìtẹ̀ ẹ́ sílé sì máa ń dá owó dúró. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù owó orí Amẹ́ríkà pẹ̀lú, nítorí bí kò bá sí, wọ́n lè yọ tó ìpín 24 nínú gbogbo owó yín, kì í ṣe ti àwọn òǹwòran Amẹ́ríkà nìkan.