Fẹ́ǹsì lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ l'Abẹ́òkúta: àwọn àṣìṣe tó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú kòtò

Ní Abẹ́òkúta, ẹni tó bá rí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ rà, orí rẹ̀ bá a ṣe é. Ọ̀pọ̀ pulọ́ọ̀tì tí a ń kọ́lé sí láti Ìdí-Àbà dé ẹ̀yìn Ìbarà ló dà gẹ̀rẹ́, àpáta sì ń yọrí síbi tó bá wù ú. Nígbà tí fẹ́ǹsì irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá la tàbí tó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, bíríkìlà la kọ́kọ́ máa ń fẹ̀sùn kàn, pé ó jí sìmẹ́ǹtì. Ó lè jí i lóòótọ́. Àmọ́ fẹ́ǹsì tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ pé náà ń la, bí kò bá sẹ́ni tó jókòó ṣètò ibi tí ìpìlẹ̀ yóò ti sọ̀ kalẹ̀, ibi tí òpó yóò dúró sí àti ibi tí àlàfo tó ń pín ògiri sí abala yóò wà, kí wọ́n tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo nínú pulọ́ọ̀tì, ká máa bá a lọ. Ó gùn ní mítà 30, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 100, òkè rẹ̀ sì fi mítà 2.5 ga ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Rọ́bà tín-ín-rín tí a rọ omi sí nínú ni bíríkìlà yóò fi wọn ìyàtọ̀ yẹn. Ẹ má gbà kó fi ojú wò ó. Ojú kì í sọ òótọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Kòtò tó ń bá ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́

Ohun tí àwọn lébùrà sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á gbẹ́ kòtò ní ẹsẹ̀ bàtà 2 láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìdí kòtò á wá dà gẹ̀rẹ́ bí ilẹ̀ ṣe dà. Wọ́n á da kọnkéré lé e, bíríkìlà á sì máa fi mọ́tà tó nípọn àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù mú ojú iṣẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Láti ọjọ́ yẹn ni ìwúwo ògiri náà ti ń wá ọ̀nà láti yọ̀ lọ sísàlẹ̀, pàápàá nígbà òjò tí amọ̀ abẹ́ rẹ̀ bá rọ̀. Ìdí kòtò gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ níbi gbogbo. Bí ilẹ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí kòtò máa sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn.

Gíga àtẹ̀gùn yẹn kì í ṣe ohun tí a ń fojú dá. Búlọ́ọ̀kù kan pẹ̀lú mọ́tà rẹ̀ ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25, èyí tí bíríkìlà ń pè ní kóòsì kan. Kí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ kóòsì kan geerege, kí kọnkéré ìpìlẹ̀ náà sì nípọn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ á pàdé tòkè láìsí pé ẹnikẹ́ni ń gé e. Nínú àpẹẹrẹ wa, mítà 2.5 yóò fún wa ní àtẹ̀gùn 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì gùn ní mítà 3. Bí ilẹ̀ tiyín bá dà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sún àwọn àtẹ̀gùn náà mọ́ra wọn. Ẹ má ṣe sọ ọ̀kan di gíga kóòsì mẹ́ta.

Níbi tí àtẹ̀gùn méjì ti pàdé, kọnkéré tòkè gbọ́dọ̀ gun orí ti ìsàlẹ̀. Ìlọ́po méjì gíga àtẹ̀gùn ni ìwọ̀n rẹ̀, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 50 nínú ọ̀rọ̀ tiwa. Àwọn tó bá kàn fi imú ọ̀kan kan imú èkejì ti ṣe ojú ìlà tí ògiri máa gbà la sílẹ̀ fún un.

Ibi tí wọ́n ti máa ń rẹ́ onílé jẹ jù nìyí, kì í sì í ṣe pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀: wọ́n á wọn jíjìn kòtò ní ẹ̀gbẹ́ tòkè. Láàárín mítà 3 kan náà, ilẹ̀ ti fi sẹ̀ǹtímítà 25 sọ̀ kalẹ̀. Kòtò tó jìn ní 60 ní òkè á ku 35 ní ìsàlẹ̀, kọnkéré tó nípọn ní 25 á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọrí jáde. Òjò méjì péré lè fọ erùpẹ̀ tó kù lórí rẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ ti wọn ọ́n, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60 níbẹ̀. Tòkè á di 85 fúnra rẹ̀. Kí kòtò náà sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2.

Tí ẹ bá kan àpáta ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àpáta ilẹ̀ ni àbí òkúta ńlá kan tó kàn jókòó sínú erùpẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì ló wà ní ìlú wa. Ẹ gbẹ́ etí rẹ̀ yí ká. Bí ẹ bá rí erùpẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ yọ ọ́ tàbí kí ẹ fọ́ ọ. Kì í ṣe ohun tí a ń gbé ògiri lé. Bó bá jẹ́ àpáta ilẹ̀ gan-an, ẹ má ṣe da kọnkéré sórí ara rẹ̀ tó ń dán tó sì dà gẹ̀rẹ́. Ẹ gbẹ́ ẹ kó ní ìjókòó tó tẹ́, ẹ lu ihò sí i, kí ẹ fi sìmẹ́ǹtì ki irin mọ́ inú rẹ̀, kí kọnkéré lè rí nǹkan dì mú. Ibi tí ògiri bá ti kúrò lórí àpáta bọ́ sórí erùpẹ̀, ibẹ̀ ni kí àlàfo wà, yálà ìṣirò mú un débẹ̀ tàbí kò mú un débẹ̀. Erùpẹ̀ á rì díẹ̀, àpáta ò ní rì.

Àlàfo tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oòrùn nìkan ló ń mú fẹ́ǹsì la, nítorí náà wọn ò ka àlàfo sí. Ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì ni pé ó ń sún kì bó ṣe ń gbẹ. Ní mítà 30, ìsúnkì náà lè ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, ó sì ń burú sí i bó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù tí wọ́n mọ lọ́sẹ̀ yìí ni wọ́n kó wá síbi iṣẹ́. Bí ẹ ò bá fún ògiri níbi tí yóò ti já, yóò wá tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mítà 6 sí mítà 6 ni àlàfo yẹ kó wà, kó sì fẹ̀ tó mìlímítà 20. Àárín òpó sí òpó jẹ́ mítà 3, torí náà abala kọ̀ọ̀kan ní àyè méjì láàárín àwọn òpó rẹ̀, gbogbo ẹ̀gbẹ́ náà sì jẹ́ abala 5 pẹ̀lú àlàfo 4. Níbi àlàfo, òpó méjì ló gbọ́dọ̀ wà, ọ̀kan fún abala kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dojú kọra wọn. Bíríkìlà tó bá ní òpó kan ti tó, tó wá fi búlọ́ọ̀kù méjèèjì há a, kò ṣe àlàfo kankan. Ó kàn fi òpó bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Kí àlàfo náà bẹ̀rẹ̀ láti orí kọnkéré ìpìlẹ̀, kó sì la gbogbo ògiri já dé orí. Ẹ fi fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú rẹ̀ nígbà iṣẹ́, kí mọ́tà má baà já síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ewu tó kù ń dé, nígbà tí ẹni tó ń rẹ́ ògiri bá rí àlàfo, tó rò pé bíríkìlà ló gbàgbé nǹkan, tó sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ pa. Ẹ sọ fún un ṣáájú. Kọnkéré tí a ń dà sí orí ògiri náà gbọ́dọ̀ já níbẹ̀, irin kankan ò sì gbọdọ̀ gbà á kọjá.

Ní báyìí, ẹ wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe bára mu. Ẹ jẹ́ kí àtẹ̀gùn ìpìlẹ̀ bọ́ sí àárín òpó méjì, kí òpó kankan má baà dúró sí etí rẹ̀. Abala kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kóòsì 9 ní òkè, á di 10 lẹ́yìn àtẹ̀gùn kan, á parí sí 11, orí rẹ̀ á sì tẹ́ gbọọrọ. Níbi àlàfo, orí ògiri á fi kóòsì 2 sọ̀ kalẹ̀, abala tó kàn á tún bẹ̀rẹ̀ láti 9. Èyí tó hàn lókè ilẹ̀ á máa wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 6 díẹ̀ dín àti 7 àtààbọ̀. Kò sí búlọ́ọ̀kù kan tí a gé.

Òpó tí kò ní gbòǹgbò

Irin òpó gbọ́dọ̀ ti wà nínú kòtò kí wọ́n tó da kọnkéré ìpìlẹ̀, irin mìlímítà 12 mẹ́rin tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ sínú kọnkéré. Gígún irin bọ inú ihò búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn náà kò wúlò fún nǹkan kan. Bí irin bá kúrú tí wọ́n fẹ́ so òmíràn mọ́ ọn, kí méjèèjì jọ rìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Ẹ to búlọ́ọ̀kù ṣáájú, kí eyín wọn yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, lẹ́yìn náà kí ẹ da kọnkéré òpó kó lè wọnú eyín náà.

Ògiri tó di ìdènà omi

Ẹ̀gbẹ́ tó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló máa ń wó jù. Àpáta kì í mu omi, gbogbo òjò òkè ló ń sáré wá bá a. Omi tó bá dúró ní mítà 1 sẹ́yìn ògiri ń fi nǹkan bíi kílò 500 ti mítà kọ̀ọ̀kan nínú gígùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdajì mítà, bíi kílò 125 ni. Agbára tó fi ń dà á wó ló tún pọ̀ jù: ti mítà 1 jẹ́ ìlọ́po 8 ti ìdajì mítà. Fẹ́ǹsì búlọ́ọ̀kù ínṣì 6 tó ga ní mítà 2 lè fi ìwúwo ara rẹ̀ dúró de omi tó mọ ní orúnkún. Tó bá dé ìbàdí, òpó nìkan ló kù tó ń gbé e dúró.

Èyí ló mú kó burú kí onílé máa da erùpẹ̀ sẹ́yìn fẹ́ǹsì kí kọ́mpáǹdì lè tẹ́. Bí ohun tí ẹ fẹ́ dà bá fi ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ, fẹ́ǹsì kọ́ ni iṣẹ́ yẹn mọ́. Ògiri tó ń dá erùpẹ̀ dúró ni, ẹnjiníà ló sì yẹ kó ya á.

Lára fẹ́ǹsì tó ti la, ìlà tó là tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ń sọ̀rọ̀ àlàfo tí kò sí. Ìlà tó ń gun mọ́tà bí àtẹ̀gùn ń sọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ tó rì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ìlà tó dábùú nítòsí ilẹ̀, tí ògiri sì ń tẹ̀ síta, ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Fún omi orí ilẹ̀, ẹ yọ odindi búlọ́ọ̀kù kan sílẹ̀ níbi tó rẹlẹ̀ jù láàárín òpó méjì, kí ẹ fi irin dí i lọ́nà tí olè ò fi ní gbà á wọlé. Fún omi inú erùpẹ̀, ẹ ki páìpù ínṣì 2 gba inú ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 6 síra wọn, kó dà díẹ̀ síta, kí ẹ sì kó òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn ẹnu rẹ̀ kí amọ̀ má baà dí i. Kẹ́ ẹ tó ṣe é, ẹ bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ yín sọ̀rọ̀, kí ẹ jọ gbẹ́ gọ́tà tí omi yóò gbà, torí bí omi yín bá wọ yàrá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi kọnkéré dí ihò náà.