Ìka Méjì fún Ojú àti Ọrùn: Ìtọ́sọ́nà fún Àfín Tó Ń Jókòó Lọ́jà

Ọ̀pọ̀ àfín ló ń ra ìpara adènà-oòrùn tó dára, síbẹ̀ tí oòrùn ń jó wọn. Ìwọ̀n tí wọ́n ń fi para ló kéré. Kí wọ́n tó kọ 30 tàbí 50 sára ìgò, ìpara tó nípọn ni wọ́n fi dán an wò. Ẹni tó bá fi í para fẹ́ẹ́rẹ́ kò lè rí ààbò tí nọ́ńbà yẹn ń sọ.

Ẹ fún un sórí ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín, láti ìdí ìka dé orí rẹ̀. Ìlà méjèèjì ni ti ojú àti ọrùn. Ẹ fi ìlà kan para, ẹ jẹ́ kó wọra díẹ̀, kí ẹ tó fi èkejì lé e. Ìgò mílílítà 50 kò lè kọjá nǹkan bí ìgbà 20 fún ojú àti ọrùn. Bí ti yín bá lo oṣù mẹ́ta, kò sí àní-àní, ẹ kò para tó. Mo mọ̀ pé owó ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ aṣọ alápá gígùn àti fìlà eléteetí: ibi tí aṣọ bá bò kò gba ìpara.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ta ata ní ọjà Bódìjà. Aago méje àárọ̀ ló para, ó dúró ìṣẹ́jú 15, ó wá lo pọ́ńkéèkì àti àtíkè. Nígbà tó bá fi di aago mẹ́sàn-án, òógùn ti bò ó. Wákàtí méjì-méjì ló yẹ kó tún un para, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ba ojú rẹ̀ jẹ́. Kó fi tíṣù tẹ òógùn náà gbẹ, kó má nù ún, nítorí nínù a máa kó ìpara lọ. Kó wá bu ìpara sórí fóòmù tó mọ́, kó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kó má fà á. Bí omi bá wà lọ́sàn-án, fífọ ojú kí ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ló dára jù. Àtíkè tí wọ́n ní ó ní adènà-oòrùn nínú kò tó, nítorí kò sẹ́ni tó lè kun àtíkè nípọn tó bẹ́ẹ̀. Kó má sì po ìpara mọ́ pọ́ńkéèkì: yóò fọ́nká, ibì kan yóò ní, ibì kan kò ní ní.

Àlàfo tí mo ń rí jù ni etí, ẹ̀yìn ọrùn, ètè, ìpéǹpéjú àti etí irun. Gèlè tó wé láàárọ̀ a máa sún sẹ́yìn, iwájú orí tí kò fi ìpara kàn á sì bọ́ sóòrùn. Kó para wọ abẹ́ gèlè kó tó wé e.

Kó wo dígí lálẹ́. Ibi tó bá pọ́n tó sì ń ta ni ọwọ́ rẹ̀ kò dé. Egbò tí kò bá sì jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara.